Alábàárù Olórí Kan: Bí PLP Ṣe Ń Gbé Ẹgbẹ́ Ámínò Kiri, àti Ìdí Tí ALT Fi Ń Tàn Wá Jẹ

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ ní Adó-Èkìtì fún àwọn òṣìṣẹ́ láàbù àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà ara

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ kú ìjókòó.

Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì ni mo fẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ti ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Oúnjẹ kò wù ú mọ́, èébì ń gbé e, wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ láti mọ̀ bóyá oògùn náà ti ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n fi fà á, ṣùgbọ́n láàbù méjì ni wọ́n pín in lọ. ALT, ẹ́ńsáìmù tí ẹ̀dọ̀ tó farapa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n wọ̀n. Láàbù àkọ́kọ́ kọ ALT 99. Láàbù kejì kọ 138. Èmi ni mo to iye wọ̀nyí fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe ìwé aláìsàn kankan, àmọ́ ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé irú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ẹ̀rọ méjèèjì dára, òṣìṣẹ́ méjèèjì mọṣẹ́, kò sí ẹni tó wọn nǹkan sódì. Síbẹ̀, dókítà tó gba ìwé kìn-ín-ní lè ní kí aláìsàn máa bá oògùn rẹ̀ lọ, kí èyí tó gba ìkejì sì ní kó dá a dúró lónìí.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni èròjà kan tó wà nínú ìgò láàbù kejì tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Orúkọ rẹ̀ ni pírídọ́sáàlì fọ́sífeètì. PLP ni àwọn onímọ̀ ń kọ ọ́, PLP náà ni n ó sì máa pè é kí ahọ́n wa lè sinmi. Inú fítámíìnì B6 ni ara wa ti ń ṣe é. Tí a bá mọ iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an, a ó mọ ìwé tó yẹ ká gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹrù kí a tó wo ẹni tó ń rù ú. Ámínò ásíìdì ni ọmọ tí purotéènì máa ń bí nígbà tí ara bá tú u palẹ̀, ì báà jẹ́ ti ẹja, ti ẹran tàbí ti ẹ̀wà. Gbogbo wọn ló ní kábọ́ọ̀nù kan láàárín tí nǹkan mẹ́rin so mọ́: ẹgbẹ́ ámínò, èyí tí í ṣe náítírójìn pẹ̀lú àwọn háídírójìn rẹ̀, ẹgbẹ́ ásíìdì, háídírójìn kan ṣoṣo, àti ìrù tó ń fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì. Bí a bá ká ẹgbẹ́ ámínò àti háídírójìn yẹn kúrò, tí a fi ọ́síjìn dí àyè wọn, ohun tó kù ni a ń pè ní kítò ásíìdì. Alaníìnì tó bá pàdánù ẹgbẹ́ ámínò rẹ̀ di páírúféètì, èyí tí í ṣe ohun kan náà tí ṣúgà ń dà nígbà tí ara bá jó o dé ìdajì ọ̀nà. Ní ìdàkejì, alifa-kítógulutaréètì tó bá rí ẹgbẹ́ ámínò gbà di gulutáméètì. ALT ni ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ yìí:

alaníìnì + alifa-kítógulutaréètì ⇌ páírúféètì + gulutáméètì

Ẹ wo ìlà yẹn dáadáa. Náítírójìn kan ló wọlé, náítírójìn kan ló jáde, kò sì sí amóníà níbì kankan. Èyí ni Alexander Braunstein àti Maria Kritzmann rí ní Mọsíkò ní 1937 nínú ẹran àyà ẹyẹlé tí wọ́n lọ̀: ẹgbẹ́ ámínò ń kúrò lára ọ̀kan bọ́ sára èkejì láì kọ́kọ́ di amóníà ná. Ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí amóníà kì í ṣe ohun tí ọpọlọ ń bá ṣeré. Púpọ̀ nínú náítírójìn tí iṣan fẹ́ kó jù nù, orí gulutamíìnì àti alaníìnì ni ó ń kó o sí, ti alaníìnì di ẹ̀dọ̀ kí ó tó tú ẹrù náà.

AST náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n asipátéètì ni òun ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ dípò alaníìnì. N ó máa ya AST wọlé níbi tó bá ti wúlò, nítorí òun ni àwọn onímọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò jù, pàápàá èyí tó ti inú ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ wá.

Ó wá kan ẹni tó ń rù ú. Bí ẹ bá dúró ní Ọjà Ọba níbí lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó rí ọmọ alábàárù. Ó ní orí kan. Kò lè gba ẹrù ìyá kejì kó tó sọ ti ìyá kìn-ín-ní kalẹ̀. Bí kò bá sì sí ọmọ yìí, iṣu lè wà níhìn-ín kí oníbàárà wà lọ́hùn-ún, ẹrù kò ní kúrò lójú kan. PLP ni alábàárù inú ẹ́ńsáìmù. Ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀, purotéènì ńlá yẹn, ìsọ̀ ni: ó ń pèsè àyè, ó ń to àwọn oníbàárà sí ipò. Orí PLP ni ẹrù ń gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wo orí náà. PLP jẹ́ òrùka olórígun mẹ́fà, kábọ́ọ̀nù márùn-ún àti náítírójìn kan. Fọ́sífeètì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, òun ni ìdákọ̀ró tó fi so mọ́ ẹ́ńsáìmù. Ní ọ̀kánkán náítírójìn òrùka yẹn ni ẹgbẹ́ áldíháídì wà, CHO, kábọ́ọ̀nù kan tó di ọ́síjìn mú pẹ̀lú ìdè méjì. Áldíháídì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ní NH2 tó ń wá ibi tí yóò so mọ́, áldíháídì ló ń fà á. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá ló ń fà.

Nígbà tí oníbàárà kankan kò tíì dé, áldíháídì kì í wà lásán. Láísíìnì kan nínú ẹ́ńsáìmù ti fi NH2 ìrù rẹ̀ dì í mú. Nínú AST ọkàn ẹlẹ́dẹ̀, láísíìnì tó wà ní ipò 258 ni. Ìdè kábọ́ọ̀nù mọ́ náítírójìn, C=N, ló wà láàárín wọn. Ìdè yìí ló ń fún ẹ́ńsáìmù ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, a ó sì rí i pé àwọ̀ yìí wúlò.

Alaníìnì dé. Ẹgbẹ́ ámínò rẹ̀ kọlu C=N yẹn, ó lé láísíìnì kúrò, òun fúnra rẹ̀ wá jókòó sáàyè rẹ̀. Láísíìnì kò jìnnà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú NH2 rẹ̀ tó ti bọ́, ó sì níṣẹ́ lọ́wọ́.

Láti ibí lọ ni iṣẹ́ ti le. Láti mú ẹgbẹ́ ámínò kúrò lára alaníìnì, háídírójìn orí kábọ́ọ̀nù àárín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ, háídírójìn yẹn kì í sì í yọ bọ̀rọ̀. Bí ó bá yọ, yóò fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì sílẹ̀ tí kò níbi tí wọ́n máa wà, kábọ́ọ̀nù kò sì lè gbé ẹrù iná bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ibi tí òrùka PLP ti wúlò nìyí. Náítírójìn orí òrùka ti gba háídírójìn kan mọ́ra, ó ní ẹrù iná pọ́sítíìfù, nítorí náà ó ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi. Láísíìnì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yọ háídírójìn náà; ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì yẹn sáré gba ìdè C=N kọjá wọ inú òrùka, wọ́n fara pamọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní àkókò kúkúrú yìí, àwọ̀ ẹ́ńsáìmù lè yí, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ sínú ní nǹkan bí 490 nm.

Láísíìnì kan náà wá gbé háídírójìn padà, àmọ́ kì í ṣe sí ibi tó ti mú un. Kábọ́ọ̀nù áldíháídì ti PLP ló gbé e lé. Ìdè méjì ti ṣí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ PLP, ó ti bọ́ sí àárín náítírójìn àti kábọ́ọ̀nù alaníìnì. Ẹ rí i bí? Náítírójìn kò tíì kúrò lójú kan, ìdè ló yí ìhà. Omi wá wọlé, ó gé ìdè méjì yẹn: ọ́síjìn omi lọ sára kábọ́ọ̀nù alaníìnì, ó di páírúféètì, ó bá tirẹ̀ lọ. Náítírójìn kù sórí PLP. PLP tó ti ru ẹrù báyìí ni a ń pè ní pírídọ́sámíìnì fọ́sífeètì, PMP. Àwọ̀ ìyeyè ti lọ; ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, ní agbègbè 330 nm, ni ó ń gbà sínú báyìí. Bí ẹ bá ní AST tó mọ́ nínú kúfẹ́ẹ̀tì, tí ẹ dà asipátéètì nìkan sí i láì fi kítò ásíìdì kankan kún un, ẹ ó rí i tí ìyeyè náà ń ṣá. Ẹrù ti bọ́ sórí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ fún.

Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì ni kí a gba ọ̀nà kan náà padà: alifa-kítógulutaréètì wọlé sí àyè tí páírúféètì fi sílẹ̀, ó gba náítírójìn lórí PMP, omi jáde, láísíìnì tún gbé háídírójìn lọ sí kábọ́ọ̀nù tuntun, gulutáméètì jáde, láísíìnì padà di áldíháídì rẹ̀ mú. Ìyeyè padà.

Ohun méjì jáde nínú èyí tí n kò fẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé alaníìnì àti alifa-kítógulutaréètì kì í pàdé nínú ẹ́ńsáìmù láéláé. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde kí èkejì tó wọlé, nítorí orí kan ni alábàárù ní. Bí alifa-kítógulutaréètì bá pọ̀ jù nínú ìgò, ó lè jókòó sórí PLP tí kò ru ẹrù, kó dí ọ̀nà mọ́ alaníìnì. Ìdí nìyí tí ìlànà àyẹ̀wò fi ń fi alaníìnì sí i púpọ̀, 500 mmol/L, tí alifa-kítógulutaréètì kò fi kọjá 15.

Èkejì ni pé kò sí ìhà tó rọrùn ju èkejì lọ. Àwọn ìdè tó já àti èyí tó so fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára dọ́gba, nítorí náà ìyídà yìí lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn bákan náà. Ohun tó bá pọ̀ ló ń tì í. Nínú iṣan ẹni tó ń gbààwẹ̀, páírúféètì àti gulutáméètì pọ̀, alaníìnì ni ALT ń ṣe jáde. Alaníìnì yẹn bá ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ ń sọ páírúféètì di ṣúgà lójú ẹsẹ̀, ALT kan náà wá yíjú sódì. A kò gbọ́dọ̀ máa sọ pé ALT “ń ṣe gulutáméètì” bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn.

Mo dárúkọ ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan. Aisoníásíìdì, ọ̀kan nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ṣe pàtàkì jù, ni. Àgbàlagbà ń lo 5 mg fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju 300 mg lọ. Ẹ wo ìparí fọ́múlà rẹ̀: NH-NH2. NH2 tó ń wá áldíháídì nìyẹn. Ó so mọ́ pírídọ́sáàlì, àmọ́ ìdè tó ṣe yàtọ̀ sí ti alaníìnì. Ti alaníìnì, omi lè gé e. Ti aisoníásíìdì le, kì í tètè já, kò sì ní háídírójìn tí láísíìnì lè yọ láti tẹ̀ síwájú. Alábàárù ti ru ẹrù tí kò ní oníbàárà. Ohun tí wọ́n jọ so pọ̀ dà yìí tún ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń lẹ fọ́sífeètì mọ́ pírídọ́sáàlì lọ́wọ́, nítorí náà PLP tuntun kò wá bó ṣe yẹ. Ìyókù bá ìtọ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ ni aláìsàn ti kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n: ó ń kú tìpìrì, ó ń jó o, bí ẹni tẹ ẹyín iná. Àwọn tí ara wọn kì í tètè pa aisoníásíìdì dà, tí ìdílé sì ni wọ́n ti jogún èyí, ni ó ń yá sí jù. Ìdí nìyí tí a fi ń fún aláboyún, oníṣúgà, ẹni tó ní kòkòrò HIV, ọ̀mùtí àti ẹni tí oúnjẹ kò ká lára ní B6 mọ́ oògùn náà, 10 sí 25 mg lójúmọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó. B6 tó pọ̀ jù fún ọjọ́ pípẹ́ ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì tún máa kú tìpìrì. Ìṣòro kan náà láti ìhà méjì, kí dókítà tó wò ó máa rántí.

Ẹnìkan yóò bi mí pé ṣé àwa tí a ń jẹ iyán ní Èkìtì náà lè ṣaláìní B6? Iṣu ní in, nǹkan bí 0.2 mg nínú 100 g iṣu sísè, àgbàlagbà sì nílò 1.3 mg lójúmọ́. Ẹni tó bá ń jẹ iyán rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ní ẹja tàbí ẹran, èmi kò ní máa bẹ̀rù fún un. Àmọ́ ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹni tí oúnjẹ kò wù mọ́, tó tún ń lo oògùn tó ń gba B6 lọ́wọ́ rẹ̀, ni. Ọ̀mùtí náà wà nínú rẹ̀: ohun tí ọtí ń dà nínú ẹ̀dọ̀ ń lé PLP kúrò lórí purotéènì tó dì í mú, ara sì ń yára tú u palẹ̀. ALT máa ń jìyà èyí ju AST lọ, ó sì wà lára ohun tó fà á tí AST fi máa ń ju ìlọ́po méjì ALT lọ nínú ẹ̀dọ̀ tí ọtí bà jẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé méjì wa.

Àyẹ̀wò ALT kì í ka iye ẹ́ńsáìmù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ́ńsáìmù ṣe ló ń kà. Bí ẹ̀dọ̀ bá farapa, ìsọ̀ á tú síta sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí kò ní alábàárù kò ní ṣiṣẹ́ kankan. Ó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kò rí i.

Bí wọ́n ṣe ń ka iṣẹ́ náà nìyí. Páírúféètì tí ALT bá ṣe jáde, ẹ́ńsáìmù kejì tí a ti fi sínú ìgò, LDH, yóò gbà á lójú ẹsẹ̀ sọ ọ́ di láktéètì, yóò sì jẹ NADH kan fún páírúféètì kọ̀ọ̀kan. NADH ń gba ìmọ́lẹ̀ 340 nm sínú. Ohun tó ń dà lẹ́yìn náà kì í gbà á. Nítorí náà bí ìmọ́lẹ̀ tí kúfẹ́ẹ̀tì ń gbà ṣe ń dín kù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni a fi ń mọ bí ALT ṣe ń ṣiṣẹ́. Gbígbà tí LDH ń gba páírúféètì yìí tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: ó ń jẹ́ kí ìyídà tó lè lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún máa lọ síhà kan ṣoṣo.

Bí a bá fi 0.1 ml omi ẹ̀jẹ̀ sínú 1.0 ml èròjà, kúfẹ́ẹ̀tì jẹ́ 1 cm, ìṣirò náà lọ báyìí. 6.22 ni ìmọ́lẹ̀ tí 1 mmol/L NADH ń gbà:

```
U/L = (ΔA/min × 1.1 × 1000) ÷ (6.22 × 0.1 × 1)
    = ΔA/min × 1768

láìsí PLP:     0.056 × 1768 = 99
pẹ̀lú PLP:      0.078 × 1768 = 138
0.078 ÷ 0.056 = 1.39
```

Iye ìkẹyìn yẹn, 1.39, ni kí ẹ fojú sí. Ó túmọ̀ sí pé nínú ALT tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yìí, nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá ló ní PLP lórí. Ìyókù jẹ́ ìsọ̀ òfìfo. Láàbù kejì da PLP sí i, ìsọ̀ òfìfo rí alábàárù gbà, iṣẹ́ wọn wọnú ìwé.

Ìpinnu dókítà ńkọ́? Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé bí ALT bá ti ju ìlọ́po mẹ́ta òkè ìwọ̀n, ìyẹn iye tó ga jù lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, lọ, tí aláìsàn sì ní èébì, inú rírun tàbí ojú pípọ́n, kí wọ́n dá oògùn dúró. Bí kò bá sí àmì kankan, ó di ìlọ́po márùn-ún. Aláìsàn wa ní èébì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òkè ìwọ̀n láàbù kìn-ín-ní jẹ́ 40: 99 jẹ́ ìlọ́po méjì àbọ̀, ó ń bá a lọ. Láàbù kejì ń lo PLP, nítorí náà òkè ìwọ̀n tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ga díẹ̀, ká sọ pé 45, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ dá náà ní ìsọ̀ òfìfo díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. 138 ju ìlọ́po mẹ́ta 45 lọ. Oògùn tó ń pa ẹ̀dọ̀ lára kan náà ló ń bo àpá ẹ̀dọ̀ mọ́lẹ̀. Èyí gan-an ló ń dun èmi nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn tí a ń wá àmì náà lára wọn ni àyẹ̀wò tí kò ní PLP ń pa irọ́ fún jù.

Ṣùgbọ́n ẹ má lọ mú òkè ìwọ̀n láàbù kan fi díwọ̀n iye láàbù mìíràn. Ẹ má sì tẹ̀ lé aláìsàn kan pẹ̀lú ìlànà yìí lóṣù yìí, kí ẹ tún fi ìlànà míì yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹ wá ní ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́ sí i. Ó lè jẹ́ pé ìgò ni ẹ yí padà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgò yín ní PLP, ẹ ka ìwé inú páálí rẹ̀. Bí kò bá kọ pírídọ́sáàlì fọ́sífeètì tàbí P5P síbẹ̀, kò sí i. Àwọn tó ṣì ń lo ìlànà aláwọ̀ ti ọjọ́un, níbi tí a ti ń da dáínáítírófíníìlì háídírásíìnì sí i, tí ó ń pọ́n bí a bá fi sódà kún un, kí wọ́n mọ̀ pé PLP kì í sí nínú tiwọn. Nínú ìlànà yẹn, kò sí LDH tó ń gba páírúféètì, ó ń kó jọ, ó sì ń ti ìyídà padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ìlà iye rẹ̀ fi ń tẹ̀ kọdọrọ lókè. Ẹ má máa fa ìlà náà kọjá ibi tí tábìlì rẹ̀ dé. Ẹ fi omi iyọ̀ pò ó, kí ẹ tún un ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò fúnra rẹ̀ lè ṣe é lórí ẹ̀rọ tó ń ka 340 nm. Ẹ wọn 26.5 mg PLP, èyí tó ní omi kan nínú fọ́múlà rẹ̀, ẹ fi omi tó mọ́ pò ó di 10 ml. 10 mmol/L nìyẹn. Ẹ fi 0.01 ml rẹ̀ sínú 1 ml èròjà ALT. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 0.1 mmol/L, iye tí ìlànà àgbáyé ní kó wà níbẹ̀. Túùbù kejì, 0.01 ml omi lásán ni kó gbà, kí ìwọ̀n méjèèjì lè dọ́gba. Ẹ fi omi ẹ̀jẹ̀ sí méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní 37°C fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ tó fi alifa-kítógulutaréètì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdúró yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. PLP kì í wọlé lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà á máa tẹ̀ bí ìsọ̀ ṣe ń kún díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n. Àkókò yẹn tún ń jẹ́ kí LDH jẹ páírúféètì tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tán, kí ó má bàa di ALT èké.

Ohun tó lè da ìdánwò yìí rú kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń ba PLP jẹ́: ẹ fi bébà fàdákà wé ìgò rẹ̀, kí ẹ má tọ́jú èyí tí ẹ pò lánàá síbi fèrèsé. PLP fúnra rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ní 340 nm, nítorí náà túùbù òfìfo tí ẹ fi ń ṣe òdo gbọ́dọ̀ ní PLP tirẹ̀. Alaníìnì inú ìgò náà ní NH2, ó sì pọ̀. Ó ń so mọ́ PLP láìsí ẹ́ńsáìmù kankan, àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ ni ẹ ó rí. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín bí kò bá ti yí padà láàárín ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń kà.

Ẹ tún wo NADH kí ẹ tó gbà á gbọ́. 0.18 mmol/L ló yẹ kó wà, ìyẹn ń fún yín ní nǹkan bí 1.1 lójú ẹ̀rọ. Bí iná bá ti lọ lóru, tí fíríìjì sì gbóná, iye yẹn yóò ti wálẹ̀ kí ẹ tó fi ẹ̀jẹ̀ sí i, ALT tó ga gan-an yóò sì jẹ NADH tán ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀rọ á kọ iye kékeré, ẹ̀dọ̀ tó ń kú á wá dà bí èyí tí kò ní nǹkan kan. Bí ìlà bá já wálẹ̀ lọ́gán tó sì tẹ́, ẹ pò ẹ̀jẹ̀ náà ní ìlọ́po mẹ́wàá kí ẹ tún un kà.

Bí ó bá sì jẹ́ AST ni ẹ ń kà, ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ omi ẹ̀jẹ̀ yín. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni AST pọ̀ sí ju inú omi ẹ̀jẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fà tipátipá, tó wá pọ́n bíi sóbò, AST tó bá jáde nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀ nìkan. Ẹ ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà fà.